Aago Méje Òwúrọ̀, Láti Ọjọ́ Wo, Nítorí Kí Ni?

Ìwé ìkéde tí ó ń yí àsìkò iṣẹ́ padà kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í tilẹ̀ kà ju ìlà tí a kọ aago sí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé tí ó ń jáde láti ọ́fíìsì, ekukáká ni a fi máa rí èyí tí ó ń wọ inú ilé ènìyàn tó o. Bí a bá fi wákàtí kan fa àárọ̀ síwájú, a ti yí ìgbà tí ìyá yóò jí padà, a ti yí ìgbà tí ọmọ yóò jẹun padà, ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ láti ìta ìlú yóò sì wá ọkọ̀ mìíràn.

Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní ìlú Ìbàdàn. Àwa 43 ni a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí àwa máa ń pè ní sákúlà, ń gbà kọjá kí ó tó dé ara pátákó ìkéde. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé lónìí tàbí lọ́la, ẹnìkan nínú yín ni wọn yóò ní kí ó kọ irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ni wọn yóò sì fi irú rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, ọ̀gá wa pè mí, wọ́n sì na bébà kan sí mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé, nítorí àwọn ìdí kan tí ó kọjá agbára àwọn aláṣẹ, iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, yóò sì máa parí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Ìsinmi ọ̀sán yóò sì di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ó tó di ìgbà náà, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni à ń wọlé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni à ń jáde, a sì ń sinmi fún wákàtí kan ní ọ̀sán. Ọ̀gá wa gbà pé oore ni àwọn ń ṣe fún wa, nítorí pé a óò máa délé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ti àtẹ̀yìnwá. Ojú aago ìjáde ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí sákúlà bẹ́ẹ̀ ṣe fún òun kò gbọdọ̀ wo aago ìjáde nìkan. Ó yẹ kí ó ka wákàtí tí ó wà láàárín ìwọlé àti ìjáde, kí ó yọ ìsinmi kúrò, kí ó sì fi iye ọjọ́ iṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀.

Mo mú bírò, mo kà á níwájú wọn. Láti aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún jẹ́ wákàtí 9. Bí a bá yọ wákàtí kan ìsinmi kúrò, ó ku 8, èyí tí í ṣe 40 láàárín ọjọ́ márùn-ún. Láti aago méje sí aago mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ wákàtí 9 ààbọ̀. Bí a bá yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò, ó ku 9, èyí tí í ṣe 45 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí márùn-ún ni èyí fi lé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ogún wákàtí, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ méjì ààbọ̀, owó oṣù kò sì yí padà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ rẹ́ àwọn ọmọ jẹ ni?"

Mo ní, "Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n bí a bá lẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kà á bí mo ṣe kà á yóò rò bẹ́ẹ̀."

Òfin náà kò gbà wá láàyè láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala kẹtàlá, sọ pé àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí ìfohùnṣọ̀kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ni ó ń fi wákàtí iṣẹ́ lélẹ̀, tàbí kí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ fi lélẹ̀ níbi tí kò bá sí irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá lé lórí iye tí a fi lélẹ̀ náà ni àfikún àsìkò iṣẹ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí ofataímù. Abala kan náà sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nítorí náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìkan kò tó. Abala keje sì sọ pé bí ohunkóhun bá yí padà nínú àwọn ohun tí a kọ fún òṣìṣẹ́ nígbà tí a gbà á, tí wákàtí iṣẹ́ sì wà lára wọn, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún un láàárín oṣù kan sí ìgbà tí ìyípadà náà wáyé. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó wà ní ipò alákòóso tàbí amòye gbọ́dọ̀ padà sí ìwé àdéhùn tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ wa, àwọn tí òfin náà kàn ni ó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè ìdí. Gbólóhùn náà, "àwọn ìdí kan tí ó kọjá agbára wa", máa ń bí ìbéèrè ju bí ó ti ń dáhùn lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò wá tirẹ̀: ó lè rò pé gbèsè ti wọ ilé iṣẹ́, tàbí pé wọ́n fẹ́ dá àwọn kan dúró. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní owó epo dísẹ̀lì ni. Àárọ̀ ni iná ìjọba máa ń wà ní àdúgbò wa, bí ó bá sì ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ni à ń fi ń tẹ̀wé títí di ìrọ̀lẹ́.

Èyí jẹ́ ìdí tí a lè wọ̀n, nítorí náà a wọ̀n ọ́. Ìwé kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wa, níbi tí ó ti ń kọ ìgbà tí ó tan án, ìgbà tí ó pa á, àti iye lítà epo tí ó bù sí i. A ka ọjọ́ iṣẹ́ 30 sẹ́yìn nínú rẹ̀. Nínú 26 nínú wọn, iná ìjọba ti dé ṣáájú aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó sì lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Bí a bá ń ṣiṣẹ́ títí di aago márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 lójúmọ́, ìyẹn 30 lọ́sẹ̀. Pẹ̀lú aago mẹ́rin ààbọ̀ tí ọ̀gá wa kọ, yóò di 27 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wọlé ní aago méje, tí a sinmi fún wákàtí kan, tí a sì jáde ní aago mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 25 péré, àwa náà yóò sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 40 wa láìdín, láìlé. Lítà 12 ni ẹ̀rọ wa ń mu ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún tí a yọ yìí jẹ́ lítà 60 lọ́sẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe kíkúrú ọjọ́ ni ó mú èrè wá. Bí ọjọ́ iṣẹ́ wa ti gùn tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣe gùn. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé e lọ sí ibi tí iná ìjọba wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ó wu iná náà ni ó máa ń dé, bí a ti wọlé ní aago méje tàbí aago mẹ́jọ kì bá má ṣe ìyàtọ̀ kankan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ wò kí a tó kọ sákúlà: ìdí tí ó wà nínú ìwé lè dára létí, kí ìṣirò má gbè é lẹ́yìn.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ṣe irú èyí ní gbangba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kúwárà dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn òṣìṣẹ́ ìpele kìn-ín-ní sí ìkẹrìnlá yóò máa wá sí iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún ní ọjọ́ mẹ́rin, kí àwọn olùkọ́ sì máa wá ní ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba owó ọkọ̀. Nínú ìkéde ti Èkó yìí, ẹnikẹ́ni lè rí ipò ara rẹ̀ kíákíá. Olùkọ́ kò ní láti béèrè bóyá òun náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé a ti dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó kù. "Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀" tí a kọ ní Ọjọ́bọ̀ lè túmọ̀ sí ọjọ́ 12 fún ẹnìkan, kí ó sì túmọ̀ sí ọjọ́ 19 fún ẹlòmíràn. Bí ó bá tilẹ̀ yé gbogbo ènìyàn bákan náà, ọjọ́ mẹ́rin kò tó fún ẹni tí ó ní láti wá ẹni tí yóò máa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, a sì yan ọjọ́ Ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ìṣirò owó oṣù má baà pín sí méjì.

Nítorí pé àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tí ń gbálẹ̀ lè ka Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, èdè méjèèjì ni a máa ń fi kọ sákúlà wa. Ẹnìkan dábàá pé kí a kọ "ọjọ́ kọkànlélógún òní" sínú ti Yorùbá. Mo ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọjọ́. Ọjà ọ̀rọọ̀rún tí a ń pè bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, nítorí pé a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá ka ọjọ́ kọkànlélógún láti ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ni yóò bá a, ìyẹn ọjọ́ Àìkú. Ọ̀dọ́ tí kò bá ka òní mọ́ ọn yóò bá a ní ọjọ́ 2. Nítorí náà, a kọ orúkọ ọjọ́, iye ọjọ́, oṣù àti ọdún pa pọ̀. Orúkọ ọjọ́ náà ń ṣe ẹ̀rí fún iye ọjọ́: bí wọn kò bá bára mu, a ó ti mọ̀ pé àṣìkọ wà níbẹ̀ kí ó tó dá wàhálà sílẹ̀.

Kí a tó lẹ̀ ẹ́, mo gbé e lọ bá àwọn méjì tí mo mọ̀ pé yóò kàn ju gbogbo wa lọ. Àkọ́kọ́ ni bàbá ọlọ́dẹ òru. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Akọ̀wé, fún yín, ọjọ́ Ajé ni. Fún tèmi, ọjọ́ Àìkú ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Aago méje ni ọlọ́dẹ òru àti ti ọ̀sán máa ń pààrọ̀ ara wọn, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí a ó bá ṣí géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìpààrọ̀ gbọ́dọ̀ di aago mẹ́fà, ẹni tí yóò sì ṣọ́ òru mọ́ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ti wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1.

Ẹnìkejì ni Ìyá Ìbejì ní ẹ̀ka ìdìwé, tí àwọn ọmọ wọn jẹ́ oṣù mẹ́rin. Aago méje gan-an ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ń gbé wọn lọ máa ń ṣílẹ̀kùn. Wọn kò lè wà níbẹ̀ kí wọ́n sì wà lọ́dọ̀ wa ní aago kan náà. Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àsìkò iṣẹ́, sákúlà wa kò sì gbọdọ̀ pa èyí rẹ́. Fún òwúrọ̀, a rí ọ̀nà kan: iṣẹ́ orí tábìlì, bí i kíká bébà àti kíka iye ìwé, kò nílò ẹ̀rọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lè wọlé ní aago méje ààbọ̀, kí ó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó gbẹ̀yìn ṣe iṣẹ́ orí tábìlì lẹ́yìn tí a bá ti pa jẹnẹrétọ̀.

Báyìí ni sákúlà náà ṣe rí nígbẹ̀yìn:

"Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2024. Sí gbogbo òṣìṣẹ́. Ìyípadà àsìkò iṣẹ́.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, yóò sì máa parí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí kan ni ìsinmi ọ̀sán, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kò yí padà, 40 ni. Owó oṣù kò yí padà. Iṣẹ́ tí a bá ní kí ẹnikẹ́ni ṣe lẹ́yìn aago mẹ́rin yóò jẹ́ ofataímù.

"Ìdí rẹ̀ ni pé òwúrọ̀ ni iná ìjọba máa ń wà ní àdúgbò wa. Ìyípadà yìí yóò dín wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ kù láti 30 sí 25 lọ́sẹ̀.

"Àwọn ọlọ́dẹ yóò máa pààrọ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án. Àsìkò ìfúnlọ́mú àwọn ìyá kò yí padà. Ẹni tí kò bá lè dé ní aago méje nítorí ìtọ́jú ọmọ tàbí àìlera, kí ó sọ fún akọ̀wé òṣìṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, kí a lè ṣètò aago méje ààbọ̀ sí aago mẹ́rin ààbọ̀ fún un.

"A ó tún ètò yìí yẹ̀ wò ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29, oṣù kọkànlá, ọdún 2024."

Ọ̀gá wa buwọ́ lù ú. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fẹ́ yọ. Wọ́n ní bí a bá kọ ọjọ́ àyẹ̀wò, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa ka ọjọ́. Mo ní bí ìdí wa bá ṣì dúró ní ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kíka ọjọ́ yóò bàjẹ́, bí kò bá sì dúró mọ́, àwa gan-an ni a ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Àwọn márùn-ún ni wọ́n wá bá mi kí ó tó di ọjọ́ 23, a sì ṣètò fún gbogbo wọn.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ lọ bí a ti ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kọkànlá wọlé, iná ìjọba yí ìṣe rẹ̀ padà. Àárọ̀ kò ní iná mọ́. Aago kan ọ̀sán ni ó ń dé, tí yóò sì wà títí di òru. Ìwé jẹnẹrétọ̀ fi hàn kedere: láti aago méje sí aago kan jẹ́ wákàtí 6 lójúmọ́, 30 lọ́sẹ̀, bí ó ti rí kí a tó yí ohunkóhun padà. Bí a bá padà sí aago mẹ́jọ, yóò di 25. Epo tí ó gbé wa lọ sí aago méje ni ó wá ń lé wa padà.

Ní ọjọ́ 29, mo gbé ìwé náà síwájú ọ̀gá wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi jókòó. Sákúlà tuntun jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà pé, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, a ó padà sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí a kọ sí i kò ju ìlà méjì lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó wá béèrè bóyá òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ọlọ́dẹ nìkan ni wọ́n yà sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìlà tiwọn, níbi tí a kọ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 sí, wọ́n mi orí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.